Yàrá kan àti pálọ̀ l'Ógbòmọ̀ṣọ́: níbo ni tábìlì iṣẹ́ máa gbà?

ÌyáTọ́míwá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Àdúgbò Adéníkẹ̀ẹ́ là ń gbé, yàrá kan àti pálọ̀, èmi, ọkọ mi àti ọmọ ọdún mẹ́ta. Mo ń bá àwọn oníṣòwò ṣe ìṣirò owó wọn láti ilé lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń ṣe é láti èṣí, ẹ̀yìn sì ti ń pa mí. Yàrá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn, 10 ní ìbú. Bẹ́ẹ̀dì wa fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ààbọ̀, ó fara ti ògiri gígùn kan. Wọ́dúróòbù wà lára ògiri tó kọjú sí i, èyí tí pálọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, àyè ínṣì 42 ló sì kù láàárín òun àti igun yàrá. Ṣé tábìlì àti ibi ìkófáìlìsí lè wọ ibẹ̀, kí yàrá sì tún padà di yàrá tílẹ̀ bá ṣú? Láńlọ́ọ̀dù wa kì í fẹ́ kí wọ́n lu ògiri.

Ọmọ_Tákié

Ìyá Tọ́míwá, ẹ gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Tákié. Ibẹ̀ làwọn oníbàárà ti máa rí yín. Ilé ò ṣeé fi ṣe ọ́fíìsì, àwọn àlejò ò ní jẹ́.

ÌyáTọ́míwá

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n kò sí oníbàárà tó ń wá bá mi. Orí fóònù ni wọ́n ti ń fi rìsíìtì ránṣẹ́. Tábìlì ni mò ń wá, mi ò wá ṣọ́ọ̀bù.

Délé_Sábó

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà yín láàmú. Báràkẹ́ẹ̀tì méjì tó ṣeé ká, fíṣà mẹ́jọ, pákó tó fẹ̀ ní ínṣì 20, ó parí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ ká a mọ́ ògiri. Mo ṣe irú ẹ̀ síbi tí mò ń gbé ní 2022, ó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣọ́ ni pé kí síkúrù gùn. Tó bá ti jẹ́ síkúrù ínṣì mẹ́ta, ògiri á gbé e.

Káfíńtà_Arówómọlẹ̀

Délé, irọ́ kọ́ lo pa pé tìẹ dúró. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ o mọ ohun tó wà lẹ́yìn ibi tó o lu yẹn? Bóyá òpó kọnkéré lo bá pàdé. Ọ̀pọ̀ ògiri tó wà láàárín yàrá àti pálọ̀ níbí, búlọ́ọ̀kù oníhò ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní ínṣì mẹ́fà, ara tó yí ihò rẹ̀ ká ò ju nǹkan bí ínṣì kan sí kan ààbọ̀ lọ. Síkúrù ínṣì mẹ́ta á gba inú ara yẹn kọjá, ìdajì rẹ̀ á máa fì nínú òfìfo. Gígùn tó o gùn ún ò ràn ọ́ lọ́wọ́.

Ohun tó máa ń ba irú tábìlì yẹn jẹ́ kì í ṣe ẹrù orí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ò wúwo. Ìgúnpá ni. Téèyàn bá gbé apá lé etí tábìlì, tó sì fẹ̀yìn kúrò lára àga láti wo nǹkan, ẹ jẹ́ ká ní ìwọ̀n kílò 20 ló fi tẹ̀ ẹ́. Etí yẹn fi ínṣì 20 jìnnà sí ògiri. Síkúrù òkè àti ti ìsàlẹ̀ lára báràkẹ́ẹ̀tì, ká ní ínṣì mẹ́rin ló wà láàárín wọn. Ìlọ́po márùn-ún mẹ́rin ni 20, nítorí náà àwọn síkúrù òkè á máa gba ìfà kílò 100. Kì í tún ṣe pé ó ń wọ́ wọn sísàlẹ̀ o, ó ń fà wọ́n jáde kúrò lára ògiri ni, bí ìgbà tá a bá fi ẹnu òòlù yọ ìṣó.

Kì í já lọ́jọ́ kan. Ẹ máa kọ́kọ́ rí i tí pílásítà á máa sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yí síkúrù òkè ká, tí lẹ́búlẹ́bú á máa wà lórí tábìlì láràárọ̀. Lẹ́yìn náà ni bírò tẹ́ ẹ bá gbé kalẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ sọ́dọ̀ yín. Tó bá ti débẹ̀, ẹ gbé kọ̀ǹpútà kúrò.

Délé_Sábó

Háà. Bàbá, mo lọ gbá ògiri wò báyìí. Ibi tí tèmi wà ń dún gbì-gbì, ibi tó kù ń dún bí agbè. Òpó ni lóòótọ́. Èmi rò pé mo mọ iṣẹ́ ni.

ÌyáTọ́míwá

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Tí ògiri ò bá wá gbé e, tí láńlọ́ọ̀dù náà ò sì fẹ́ kí a lù ú, ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn ni?

Káfíńtà_Arówómọlẹ̀

Ó wà. Kí ilẹ̀ ló gbé e. Ìyẹn ni pé ẹ ò ní gbé tábìlì kọ́ ògiri rárá. Kọ́bọ́ọ̀dù tínínrín ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n kàn, tó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú àyè ínṣì 42 yẹn, kí tábìlì jẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wọn yàrá ná, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà. Ìbú yàrá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10, ìyẹn ínṣì 120. Bẹ́ẹ̀dì ti gba 54 níbẹ̀. Ó ku 66. Ẹni tó bá jókòó sídìí tábìlì nílò nǹkan bí ínṣì 30 lẹ́yìn etí tábìlì kí ó tó lè ti àga sẹ́yìn dìde. Tí kọ́bọ́ọ̀dù bá jìn ní ínṣì mẹ́jọ, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tó ń wó wálẹ̀ sì gba ínṣì 16, ínṣì 24 ni tábìlì jẹ́ lápapọ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 66, ó ku 42. Ẹ yọ 30 fún àga, ó ku 12. Ọmọ á lè gba ibẹ̀ kọjá, àgbà á fẹ̀gbẹ́ kọjá. Tó bá di alẹ́ tẹ́ ẹ gbé ilẹ̀kùn náà padà sókè, ínṣì mẹ́jọ péré ló yọ jáde lára ògiri.

Bó ṣe máa rí nìyí. Pákó méjì dúró gbọọrọ lọ́tùn-ún àti lósì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní ẹsẹ̀ bàtà méje àti ínṣì mẹ́rin. Ṣẹ́ẹ̀fù wà láàárín wọn. Ṣẹ́ẹ̀fù tó bọ́ sí gíga tábìlì ni wọ́n máa fi híńjì gbọọrọ kan so ilẹ̀kùn náà mọ́, híńjì tó gba gbogbo ìbú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kì í ṣe kékeré méjì o. Tó bá wó wálẹ̀, òun àti ṣẹ́ẹ̀fù yẹn á di ojú kan náà.

Kí ló máa wá gbé etí iwájú? Ẹsẹ̀ ni. Lábẹ́ tábìlì, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi igi ínṣì méjì sí méjì kan férémù méjì bí ilẹ̀kùn kékeré, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ínṣì 14. Wọ́n á fi híńjì so ọ̀kan mọ́ pákó ọ̀tún, èkejì mọ́ tòsì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣiṣẹ́, ẹ ṣí méjèèjì jáde bí géètì, ẹsẹ̀ wọn á kan ilẹ̀, ẹ wá gbé tábìlì lé wọn. Ìgúnpá yín á tẹ ilẹ̀. Kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú ògiri.

Gíga tábìlì, ẹ má gba iye tí ẹnikẹ́ni bá dá fún yín, tó fi mọ́ èmi náà. Ẹ jókòó sórí àga tẹ́ ẹ máa lò gan-an, kí àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, kí ẹ ká apá bí ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà, kí ọkọ yín fi téèpù wọn ìgúnpá yín sí ilẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú tábìlì á dé. Ínṣì 29 tàbí 30 làwa káfíńtà máa ń kàn, àwọn tó ga ló bá mu. Ẹni tí kò ga á máa gbé èjìká sókè látàárọ̀ dalẹ́, yóò sì máa rò pé iṣẹ́ ló ń rẹ òun.

ÌyáTọ́míwá

A wọ̀n ọ́n báyìí. Ínṣì 27 ni. Tábìlì oúnjẹ wa jẹ́ 30, abájọ!

Ṣùgbọ́n Bàbá, kọ́bọ́ọ̀dù tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà méje, tí kò jìn ju ínṣì mẹ́jọ lọ, ṣé kò ní wó lu Tọ́míwá? Ọmọ yẹn máa ń gun nǹkan.

Káfíńtà_Arówómọlẹ̀

Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi káfíńtà yòówù tẹ́ ẹ bá gbé iṣẹ́ fún nìyẹn, tó bá fi rẹ́rìn-ín, ẹ wá ẹlòmíràn. Á wó. Géètì ò sí níta nígbà tó bá wà ní pípadé, ọmọ tó bá sì fi ṣẹ́ẹ̀fù ṣe àkàbà á fà á lulẹ̀. A gbọ́dọ̀ dè é lókè.

Ká ní ògiri ṣeé lù, ìdí tí mo fi sọ pé kó ga ní ẹsẹ̀ bàtà méje àti díẹ̀ nìyẹn. Ibi ẹsẹ̀ bàtà méje ni líńtù máa ń wà, kọnkéré ni, síkúrù méjì níbẹ̀ ti tó. Nínú àwọn ilé kan, líńtù yí gbogbo ògiri ká. Nínú àwọn mìíràn, orí ilẹ̀kùn àti fèrèsé nìkan ló mọ. Ẹnu dírìlì á sọ fún yín. Nínú búlọ́ọ̀kù, á wọlé wẹ́rẹ́, á wá já sínú ihò lójijì bí ẹni tó jìn sí kòtò. Nínú kọnkéré, á lọ́ra, á máa han, eruku rẹ̀ á kúnná.

Ní ti yín tí láńlọ́ọ̀dù ò gbà, ẹ dè é mọ́ wọ́dúróòbù. Ṣé tiyín ni àbí ti onílé? Tó bá jìn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, tí aṣọ sì kún inú rẹ̀, kò ní rọrùn fún ọmọdé láti fà á wó. Kí káfíńtà ti kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó fi bóòtì onínọ́ọ̀tì so pákó ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀ lójú mẹ́ta, òkè, àárín, ìsàlẹ̀. Bóòtì ni mo sọ o, ìṣó kọ́. Àwọn méjèèjì á wá di ẹyọ kan. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń kó jáde, ẹ tú u, ẹ kó ẹrù yín, ògiri ò ní àpá kankan.

Ìyàwó_Olùkọ́

Iṣẹ́ dára. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí gbogbo yín ń kó o sínú yàrá? Èmi rò pé pálọ̀ ló yẹ. Ọkọ mi máa ń máàkì ìwé lálẹ́ nínú yàrá, iná rẹ̀ kì í jẹ́ kí n sùn. Ọdún kẹta rèé, a ṣì ń jà lórí ẹ̀. Pálọ̀, tí gbogbo ilé bá ti sùn, ó di tìẹ nìkan.

ÌyáTọ́míwá

Ìyá, ọ̀sán ni mo máa ń ṣiṣẹ́ jù, nígbà tí Tọ́míwá bá wà ní iléèwé. Tó bá dé, pálọ̀ di ti tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n níparí oṣù, mo máa ń ṣe é dòru. Ọ̀rọ̀ iná yẹn máa ṣẹlẹ̀ sí wa náà.

Káfíńtà_Arówómọlẹ̀

Èmi ò dá sí ìjà tọkọtaya. Ohun tí mo lè sọ ni pé ògiri tí ẹ fẹ́ lò yìí dára nítorí pé pálọ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ògiri ìta tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ẹ fọwọ́ kàn án ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nínú oṣù kẹta, ẹ ó mọ̀ pé kò ṣeé jókòó tì. Fèrèsé sì ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ ló yẹ kó wà. Tó bá wà lẹ́yìn yín, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á máa dán lójú kọ̀ǹpútà. Tó bá wà níwájú yín gan-an, ojú á máa ro yín.

Télọ̀_Àkẹ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀yọ́ ni mo wà. Èmi náà ní irú àyè bẹ́ẹ̀ nínú yàrá mi, mo sì ní maṣíìnì ìránṣọ oníná. Ṣé tábìlì tó ń wó wálẹ̀ yìí lè gbé e? Mo fẹ́ kí maṣíìnì náà sùn sínú kọ́bọ́ọ̀dù lálẹ́.

Káfíńtà_Arówómọlẹ̀

Ọ̀tọ̀ ni tiyín. Kọ̀ǹpútà kì í gbọ̀n, maṣíìnì ń gbọ̀n. Gbígbọ̀n yẹn á máa tú síkúrù híńjì díẹ̀díẹ̀, pákó á sì máa fò lórí géètì, òwú yín á máa já. Maṣíìnì yín sì lè má gba inú ínṣì mẹ́jọ. Èmi ò ní kàn án fún yín bẹ́ẹ̀.

Délé_Sábó

Bàbá, pákó wo ni kí wọ́n rà? Wọ́n ń ta ẹ́mdíẹ́fù lọ́pọ̀ níbí, ojú rẹ̀ dán, kò sì wọ́n tó pílaiwúùdù.

Káfíńtà_Arówómọlẹ̀

Lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀ ni ẹ́mdíẹ́fù. Ojú rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n síkúrù tó bá wọ etí rẹ̀ máa ń là á, etí gan-an ni híńjì yìí sì máa wà. Tí omi ìnulẹ̀ bá tún ń kàn án nísàlẹ̀, á wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì, kì í sì í padà bọ̀ sípò. Ẹ lo pílaiwúùdù onínípọn ínṣì mẹ́ta nínú mẹ́rin, kẹ́ ẹ sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé orí àfọ́kù táìsì.

Páálí kan ṣoṣo tó ẹ. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí mẹ́rin ni páálí, ìyẹn ínṣì 96 sí 48. Kí wọ́n là á ní gígùn sí ọ̀nà mẹ́rin tó fẹ̀ ní ínṣì mẹ́jọ mẹ́jọ. Méjì ni pákó ẹ̀gbẹ́. Méjì tó kù, wọ́n á gé wọn sí ṣẹ́ẹ̀fù mẹ́rin. Ìyẹn gba ínṣì 32, ó ku 16 fún tábìlì. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ayùn náà ń jẹun. Ìlà mẹ́rin tí ayùn bá gbà á jẹ tó ìdajì ínṣì, tábìlì yín á jẹ́ 15 ààbọ̀. Kí káfíńtà má lọ gé géètì kó tó wọn tábìlì. Ajẹkù tó bá kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì á tún mú ṣẹ́ẹ̀fù karùn-ún jáde.

Fún géètì, ọ̀mọ̀ dára. Ẹ má lo arère nísàlẹ̀ níbi tó kan ilẹ̀, ìkán fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù lẹ ògiri típẹ́típẹ́ náà, ẹ fi àyè ìka kan sílẹ̀, kẹ́ ẹ máa tan tọ́ọ̀ṣì wò ó lóṣooṣù. Tí ìkán bá ń bọ̀, ẹ̀yìn yẹn ló ti máa ń la ọ̀nà amọ̀ rẹ̀ gòkè. Òògùn ìkán wà, ṣùgbọ́n ìta ni kí wọ́n ti kùn ún, kó gbẹ, kí òórùn rẹ̀ sì kúrò kó tó wọ yàrá tí ọmọ ń sùn.

Ọmọ_Tákié

Gbogbo èyí á tó mélòó? Ẹ ò dárúkọ owó.

Káfíńtà_Arówómọlẹ̀

Tí mo bá dárúkọ rẹ̀ lónìí, lọ́la á ti yàtọ̀. Páálí kan, pílaiwúùdù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan fún ẹ̀yìn, igi méjì sí méjì díẹ̀, híńjì, bóòtì. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, ẹ gbé e lọ bá ẹni mẹ́ta.

ÌyáTọ́míwá

Ẹ káàárọ̀ o, mo padà dé. Ó ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ti kàn án, a ti so ó mọ́ wọ́dúróòbù, tiwa ni wọ́dúróòbù náà. Láńlọ́ọ̀dù wá wò ó, ó gbọ́wọ́ lé ògiri, kò rí ihò kankan, ó bá tirẹ̀ lọ.

Wàhálà méjì ló yọjú. Èkíní, nígbà tí mo ṣí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, géètì ọ̀tún ń ha ilẹ̀, tòsì sì ń fì lókè, ìka ọmọdé ń gba abẹ́ rẹ̀. Tábìlì ń mì bí mo bá gbọ́wọ́ lé apá òsì. Káfíńtà ní òun wọ̀n ọ́n dáadáa.

Èkejì, mágínẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ti ilẹ̀kùn tábìlì lókè, Tọ́míwá fà á lẹ́ẹ̀kan, ó já bọ́. Orí rẹ̀ ló yẹ̀ fún, Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Káfíńtà_Arówómọlẹ̀

Ẹ kú ewu ọmọ. Mágínẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ohun tí a fi ń ti pákó tó ń wó. Ẹ ra bóòtì ilẹ̀kùn kékeré méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kẹ́ ẹ fi wọ́n sí etí òkè. Lónìí ni kẹ́ ẹ ṣe é, ẹ má dúró de òpin ọ̀sẹ̀.

Ti géètì, káfíńtà yín ò purọ́. Ilẹ̀ yín ló dagẹ̀rẹ̀. Sìmẹ́ńtì ilẹ̀ yàrá sábà máa ń dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ojú ò lè rí i. Kó fá èyí tó ń ha díẹ̀, kó lu ihò sísàlẹ̀ ẹsẹ̀ èyí tó ń fì, kó fi bóòtì olórí pẹrẹsẹ sínú rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ọ̀tì, kẹ́ ẹ máa yí i jáde títí á fi kan ilẹ̀. Bẹ́ ẹ bá kó lọ sílé mìíràn, ẹ kàn tún un yí ni.

ÌyáTọ́míwá

Délé bá mi wá bóòtì kékeré náà ní Sábó, wọ́n ti fi sí i. Ó dúró báyìí. Mo gbé ìgúnpá méjèèjì lé e, mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Alẹ́ níparí oṣù ló kù. Ọkọ mi ti ra ìbòjú tó máa fi sùn.

Ìyàwó_Olùkọ́

Hmm. Tèmi náà ra ìbòjú fún mi. Ẹ máa sọ fún mi bó bá ṣe rí lóṣù kejì.

Télọ̀_Àkẹ̀sán

Bàbá káfíńtà, ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá fi ẹsẹ̀ onírin gidi sábẹ́ maṣíìnì mi, tí mo wá ń yí gbogbo rẹ̀ wọlé sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀fù lálẹ́ ńkọ́?

Káfíńtà_Arówómọlẹ̀

Ìyẹn ti ń jọ ọ̀rọ̀. Ẹ wọn gíga maṣíìnì àti ẹsẹ̀ rẹ̀ papọ̀, ẹ wọn bó ṣe jìn tó náà, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́.